Bí mo ṣe wo nóòdù àríwá àti nóòdù gúúsù fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi

Kí n tó ṣírò ohunkóhun, mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọ àwọn ọdún tí ayé rẹ̀ yí padà sínú pépà, kó ká a, kó fi í pamọ́ sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ìdí ni pé tí èèyàn bá kọ́kọ́ mọ déètì tí ìràwọ̀ mú wá, tó wá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lákòókò yẹn, kò sí bí kò ṣe ní rí nǹkan mú. Mo fẹ́ kí tirẹ̀ ṣáájú tèmi.

Àdìrẹ ló ń tà n'Ítòkú, níbí l'Abẹ́òkúta. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un pé gbogbo èèyàn ló ní nóòdù méjì tí wọ́n bí i mọ́: ti àríwá ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kéèyàn máa dàgbà lọ, ti gúúsù sì jẹ́ àṣà tó ti mọ́ ọn lára jù, tó yẹ kó dàgbà kọjá. Bó ṣe rí mi ló ní, "Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi." Kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ láé.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé nóòdù kì í ṣe ìràwọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbójú sókè kó rí i. Oòrùn ní ọ̀nà tó dà bíi pé ó ń tọ̀ lójú sánmà láàárín ọdún. Òṣùpá náà ní tirẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ti òṣùpá dagun sí ti oòrùn ní nǹkan bíi díígírì 5, nítorí náà ibi méjì ni wọ́n ti ń kọjá lórí ara wọn, bí oríta. Ibi tí òṣùpá ti ń gba ọ̀nà oòrùn kọjá lọ sí ìhà àríwá ni nóòdù àríwá, ibi tó ti ń kọjá lọ sí ìhà gúúsù ni nóòdù gúúsù. Wọ́n máa ń dojú kọ ara wọn gbọọrọ ni, díígírì 180 ló wà láàárín wọn, torí náà tí o bá ti rí ọ̀kan, o ti rí èkejì. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn sí, ó sì ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 18 àti oṣù 7 kí wọ́n tó yí sánmà po.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1987 ni wọ́n bí i. Áàpù pọ̀ lórí fóònù tó máa ṣe ìṣirò yìí, àmọ́ mo fẹ́ràn kí n fọwọ́ ara mi ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ̀ tí áàpù bá ń pa irọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000, nóòdù àríwá wà ní díígírì 125.04, téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀ àmì Àgbò, àkọ́kọ́ nínú àmì méjìlá tí àwọn awòràwọ̀ pín ọ̀nà oòrùn sí. Lójoojúmọ́, ó ń fà sẹ́yìn ní díígírì 0.05295. Láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ dé ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ 4584. Nítorí pé wọ́n bí i ṣáájú ọdún 2000, àfikún ni a máa ṣe. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀, a máa yọ kúrò.

```
125.04 + (4584 × 0.05295) = 367.76
367.76 − 360 = 7.76
```

Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ díígírì 30, Àgbò ló sì ṣáájú, nítorí náà nóòdù àríwá rẹ̀ wà nínú Àgbò, ní díígírì 7 kọjá díẹ̀. Ti gúúsù wà ní òdìkejì, nínú Òṣùwọ̀n, ní díígírì kan náà.

Ibì kan wà tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà níbí. Nọ́ńbà tí mo rí yìí jẹ́ ti ìrìn tí wọ́n pín dọ́gba fún ọjọ́ gbogbo. Nóòdù gan-an máa ń mì díẹ̀, ó lè fi bíi díígírì kan ààbọ̀ yàtọ̀ sí i, áàpù kan sì lè fi ọ̀kan hàn ọ́ kí òmíràn fi èkejì hàn. Tìyàwó wa kò léwu, torí díígírì 7 jìnnà sí ẹnubodè àmì. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sí díígírì 0 tàbí 29 ni kó fara balẹ̀ wò ó. Bákan náà, ẹni tó bá ń lo ti àwọn ará Íńdíà, tí wọ́n ń pe nóòdù méjèèjì ní Ráhù àti Kétù, máa rí Ẹja dípò Àgbò fún un, nítorí ibòmíràn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Èyí tí o bá mú ni kí o dì mú dópin. Má ṣe mú àmì láti ibì kan, kí o wá mú ìtumọ̀ láti ibòmíràn.

Wákàtí ìbí ló yọ wá lẹ́nu jù. Àmì tí nóòdù wà kò ní yí padà nítorí wákàtí, ṣùgbọ́n ilé tó bọ́ sí, ìyẹn apá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ láyé ẹni, lè yí padà láàárín wákàtí méjì. Ìyàwó wa kò ní káàdì ilé ìwòsàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ la lọ bá. Màmá ní, "Wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò tíì jáde nígbà tó dé." Mo wo kàlẹ́ńdà, Ọjọ́ Àìkú lóòótọ́ ni ọjọ́ náà, ìyẹn jẹ́ kí n gba ìyókù ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Nígbà tí mo fi sí Abẹ́òkúta, tí mo fi agogo Nàìjíríà ṣe é, àmì Akàn ló ń yọ níhà ìlà-oòrùn láti bí agogo méje kọjá díẹ̀ sí bí agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Kìnnìún. Màmá ní ìsìn kìíní ni, torí náà mo mú Akàn.

Àmì tó ń yọ níhà ìlà-oòrùn nígbà ìbí la fi ń ṣe ilé kìíní, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Tí Akàn bá jẹ́ ilé kìíní, Àgbò á bọ́ sí ilé kẹwàá, ìyẹn iṣẹ́ àti orúkọ èèyàn níta gbangba. Òṣùwọ̀n á bọ́ sí ilé kẹrin, ìyẹn agboolé, òbí àti gbòǹgbò ẹni.

Láyé àtijọ́, ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń sọ ni pé ti àríwá ń bù kún nǹkan, ti gúúsù ń dín in kù. Ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ọkàn tí gbogbo èèyàn ń sọ báyìí, ọ̀rúndún ogún ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìṣirò ibi tí nóòdù wà jẹ́ ti onímọ̀ sánmà, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àṣà, kò sì sẹ́ni tó lè fi òṣùwọ̀n kankan wọ̀n ọ́n. Mo sọ ìyẹn fún un kí n tó máa bá a lọ.

Òṣùwọ̀n níhà gúúsù jẹ́ ti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, tó máa ń wo ojú ẹlòmíràn kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn ni, àwọn tó ń ka nóòdù gúúsù bí ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ègún kò rí i bó ṣe yẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé téèyàn bá ti lo ẹ̀bùn kan jù, ó máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó yẹ kó ṣe ohun mìíràn. Àgbò ní tirẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, kó mú ìpinnu, kó sì dúró tì í.

Mo jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láti wò ó. Obìnrin kan mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, ó na án wò síbi ìmọ́lẹ̀, ó bèèrè iye rẹ̀. Ìyàwó wa ló fi láfún ya aṣọ yẹn, òun ló rì í sínú aró, ó mọ ohun tó ná an. Síbẹ̀, kó tó dáhùn, ó yíjú sí Ìyá Àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Màmá, èló la ń ta irú ẹ̀ báyìí?" Màmá dá iye kan tó kéré sí ohun tí èmi rò, ìyẹn náà ló sì gbà. Nígbà tí oníbàárà lọ, mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá dá a lówó fúnra mi, wọ́n á ní mo ti ń ga ju àwọn àgbà lọ." Gúúsù nínú Òṣùwọ̀n, nílé kẹrin: àlàáfíà agboolé ló fi ń dá iye owó aṣọ.

Mo wo Máàsì náà, nítorí òun ni pílánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣàkóso Àgbò. Inú Akàn ló wà lọ́dún yẹn ní oṣù kẹfà, ibi tí àwọn awòràwọ̀ ti ń sọ pé agbára rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, kò ní jẹ́ ẹni tó máa lọgun. Ohun tó máa mú un gbéra ni ọmọ àti ilé. Mo ní kó yé ronú nípa bó ṣe máa ṣe olórí ọjà, kó kàn ṣírò owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, kó sì dá iye aṣọ tirẹ̀ kó tó jáde nílé láàárọ̀.

Ìgbà yẹn ló tó yọ pépà jáde. Ó kọ 2006, 2011 àti 2019. Nóòdù àríwá padà síbi tó wà nígbà ìbí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún yẹn, tí òṣùpá bo oòrùn tí gbogbo wa rí i, oòrùn wà nínú Àgbò ní díígírì 8, kò jìnnà rárá sí nóòdù tirẹ̀. Ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àdìrẹ. Ó pariwo, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. Àmọ́ 2011, ọdún tó ṣègbéyàwó, àti 2019, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, kò bá nóòdù mu rárá. Ìpadàbọ̀ kejì sì jẹ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí kò kọ sílẹ̀. Mo bi í. Ó ronú títí, ó ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mi ò wá ẹsẹ̀ fún un.

Fún Kìnnìún, ìyẹn tí wọ́n bá bí i lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn pépà kan náà: Àgbò á bọ́ sí ilé kẹsàn-án, ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà jíjìn. Mo ní kó wo èyí tó bá a mu jù láàárín ọdún kan, kó má fi ojú ohun tó wù ú wò ó.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń kọ iye aṣọ kọ̀ọ̀kan sára bébà kékeré, ó ń fi píìnì so ó mọ́ igun aṣọ láti ilé. Àwọn kan ti bínú kúrò, àwọn kan sì ti rà á ní iye tó dá. Ìyá Àgbà ti bi í ta ló kọ́ ọ. Ìyàwó wa tún bi mí ìgbà tí nóòdù àríwá máa dé òdìkejì, ní ibi tí ti gúúsù rẹ̀ wà. Mo ṣírò rẹ̀, mo ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2033. Ó ní, "Adúmáadán, kó tó dìgbà yẹn, owó láfún á ti pa wá."