Bí mo ṣe sọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ojú ìwé 9 di ìlà márùn-ún

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ wa ṣe ìpàdé lórí àpèjọ tó máa wáyé ní ọjọ́ 29. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10, ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó dé ọwọ́ mi. Ojú ìwé 9 ni, gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníkálukú sọ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Mo kọ́kọ́ kà á tán láì fa ìlà kankan. Ó ṣe pàtàkì, torí pé ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lójú ìwé 2, wọ́n ti yí i padà lójú ìwé 7. Ká ní mo ti ń kọ bí mo ṣe ń kà ni, méjèèjì ni ì bá wọ inú àkójọ. Nígbà tí mo tún un kà, ibi tí ẹnìkan ti gbà láti ṣe nǹkan nìkan ni mo fàlà sí. Àríyànjiyàn lórí àwọ̀ ìwé ìpè gba odindi ojú ìwé kan, síbẹ̀ kò bí iṣẹ́ kankan. Mo fò ó.

Ọjọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà. Akápò sọ pé òun á béèrè iye owó lọ́wọ́ atẹ̀wé méjì “kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.” Bí mo bá kà á láti ọjọ́ tí mo jókòó ti ìwé yẹn, ọjọ́ 21 ni màá kọ. Àmọ́ ọjọ́ 4 ló sọ ọ́, nítorí náà Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, ló ní lọ́kàn. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

Akápò: gba iye owó lọ́wọ́ atẹ̀wé méjì, fi ránṣẹ́ sí alága. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù kẹta.

Ìgbà tí mo tò wọ́n sábẹ́ ara wọn ni mo rí i pé alukoro ti ṣèlérí láti tẹ ìwé ìpè ní ọjọ́ 12, ọjọ́ méjì ṣáájú kí iye owó tó jáde. N kò tún ọjọ́ náà ṣe fúnra mi. Mo pe àwọn méjèèjì, alukoro sì gbà láti sún tirẹ̀ sí ọjọ́ 19.

Ó wá ku gbólóhùn kan: “A ó wá ẹ̀rọ amúnáwá tí a ó fi pamọ́ de ìgbà tí iná bá lọ.” Ta ni “a”? Gbogbo ìgbìmọ̀ ló dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni,” kò sẹ́ni tó gbà á. Ó ṣe mí bíi pé kí n kọ orúkọ akọ̀wé síbẹ̀, torí òun ló sábà máa ń ṣe irú rẹ̀, àmọ́ kò sí nínú àkọsílẹ̀ pé ó gbà. Mo kọ “kò tíì ní ẹni” síwájú rẹ̀, mo sì fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí alága kí àkójọ tó dé ọwọ́ àwọn tó kù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló dáhùn pé òun fúnra òun á ṣe é, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 22.