Bí a ṣe ń wá lọ́gárítímù nọ́ńbà tó kéré sí òdo

Ẹ tẹ ln(−5) sínú ẹ̀rọ ìṣirò lásán, àṣìṣe ló máa kọ. Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́. Ohun tí lọ́gárítímù ń béèrè ni pé, agbára wo la máa gbé e sí (e jẹ́ bíi 2.718) tó fi máa di nọ́ńbà yìí? Bí agbára bá jẹ́ 0, a rí 1. Bó bá jẹ́ −3, a rí bíi 0.05. Bó ti wù ká sọ agbára náà kalẹ̀ tó, èsì á kàn máa sún mọ́ òdo ni, kò ní kàn án láé. Kò sí nọ́ńbà gidi tó lè bí −5.

Euler ló fi ọ̀nà mìíràn hàn: e^(iθ) = cos θ + i sin θ, níbi tí i² ti jẹ́ −1. Apá agbára tó ní i nínú kì í mú nọ́ńbà tóbi, kì í sì í mú un kéré. Ńṣe ló ń yí i po òdo. Bí a bá yí 1 ní ìdajì òbìrí, ìyẹn π rédíánì, orí −1 ló máa bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn bí nọ́ńbà náà ṣe jìnnà sí òdo, kí ẹ wá ln rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn igun rẹ̀ láti apá ọ̀tún, lódìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà, kí ẹ kọ i sẹ́yìn igun náà, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. −5 jìnnà sí òdo ní 5, igun rẹ̀ sì jẹ́ π:

```
ln(-5) = 1.609 + 3.1416i
```

Ní Python, `cmath.log(-5)` máa fún yín ní èsì kan náà (j ló ń kọ dípò i). `math.log(-5)` ló máa ń kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo −1 + i, tó wà ní ìṣísẹ̀ kan sí òsì òdo àti ìṣísẹ̀ kan sókè. Ó jìnnà sí òdo ní √2, ln rẹ̀ sì jẹ́ 0.3466. Ibi igun ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá tẹ tan⁻¹(1/−1), −0.785 lẹ máa rí, èyí tó ń nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, nígbà tó jẹ́ pé òkè òsì ni nọ́ńbà wa wà. Èmi máa ń ya àwòrán rẹ̀ ná. Ẹ fi π kún un, ó di 2.356. Èsì: 0.3466 + 2.356i.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí a bá tún yí odindi òbìrí kan, ìyẹn 2π, ojú kan náà la máa padà sí, nítorí náà lọ́gárítímù nọ́ńbà kan kò lóǹkà. Èyí tí igun rẹ̀ ju −π lọ tí kò sì ju π lọ ni a sábà máa ń mú. Ohun tí Johann Bernoulli kò rí nìyí nígbà tí òun àti Leibniz ń jiyàn ní nǹkan bí ọdún 1712. Ó ní (−1)² bá 1² dọ́gba, nítorí náà 2ln(−1) = 2ln 1 = 0, ln(−1) sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ṣùgbọ́n e⁰ jẹ́ 1, kì í ṣe −1. πi ni ln(−1). Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 2πi, òun náà sì wà lára àwọn lọ́gárítímù 1. Bí ẹ bá ro lọ́gárítímù méjì pọ̀ tí igun sì kọjá π, ẹ yọ 2π kúrò nínú rẹ̀: níhìn-ín, 2πi á padà di 0.