Bí A Ṣe Ń Béèkì Ìrìn Nínú Maya, Tí A Sì Ń Dín Kíì Kù Láìjẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Máa Yọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan péré: àwòrán ọkùnrin kan tó ń rìn nínú Maya fún férémù 48, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá méjì bí a bá ń lo férémù 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eegun 30 ló ní. ikHandle ló ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdè orientConstraint ló sì ń yí orí rẹ̀. Géèmù tó ń lọ kò mọ ikHandle, kò sì mọ ìdè. Kíì tó wà lára eegun nìkan ló mọ̀, ìyẹn iye tí a kọ sílẹ̀ fún eegun ní férémù kan. Ohun tí béèkì ń ṣe ni pé ó ń wo ibi tí ìdè gbé eegun sí ní férémù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sára eegun fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn tọ́jú fáìlì yín. Ìdè tí ẹ bá ti pa rẹ́ kò ní jí dìde.

Béèkì fúnra rẹ̀ ò le, àfi pé àwọn ènìyàn máa ń béèkì ohun gbogbo. Eegun kan ní ìkànnì mẹ́wàá. Tí ẹ bá sọ ọ́ di eegun 30 àti férémù 48, kíì 14,400 nìyẹn. Yíyí nìkan lèmi máa ń mú, tí ó jẹ́ 4,320, àti ìrìn ìbàdí, tí ó jẹ́ 144 péré. Ẹ yan gbogbo eegun, kí ẹ tẹ èyí sí abala Python nínú Script Editor, kí ẹ sì fi orúkọ eegun ìbàdí yín rọ́pò 'ibadi':

```
import maya.cmds as cmds
j = cmds.ls(sl=True, type='joint')
cmds.bakeResults(j, t=(1,48), sb=1, sm=True,
    dic=True, at=['rx','ry','rz'])
cmds.bakeResults('ibadi', t=(1,48), sb=1, sm=True,
    at=['tx','ty','tz'])
```

Tó bá jẹ́ irun tàbí aṣọ tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ló ń mì eegun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti férémù tí ìṣírò náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fo ọ̀kankan, torí pé orí èyí tó ṣáájú ni férémù kọ̀ọ̀kan dúró lé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ikHandle àti ìdè rẹ́, kí ẹ wo ìrìn náà. Bí ẹsẹ̀ bá dúró gan-an bí igi, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo Blender, Bake Action ni tiyín. Tí ẹ bá gbàgbé Visual Keying, ohun kan náà ni ojú yín máa rí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdínkù, ẹ lo Euler Filter nínú Graph Editor. Yíyí lè fò láti 179 sí -179 láàárín férémù méjì, ojú kò sì ní rí i nínú Maya, torí pé igun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n géèmù tó ń ṣe férémù 60 yóò wá ohun tó wà láàárín méjèèjì, apá yóò sì yí òbìrí lójijì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ rèé o. Mo ti rí ẹni tó yan gbogbo ìlà kíì nínú Graph Editor, tó lo Simplify Curve lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti dín wọn kù, tó sì fi ránṣẹ́. Ọkùnrin rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni Maya ń wò lọ́tọ̀. Kò mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Àṣìṣe ìdajì digírí níbi itan, tí ẹsẹ̀ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, yóò sún àtẹ́lẹsẹ̀ ní bíi mìlímítà mẹ́jọ. Ti ìbàdí tún burú jù, torí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbé lọ.

Nítorí náà, èmi kì í fọwọ́ kan ìbàdí rárá. Kíì 288, ti yíyí àti ti ìrìn rẹ̀, ò wúwo. Fún ẹsẹ̀ òsì, tó tẹ ilẹ̀ láti férémù 12 sí 24, mo máa ń fi gbogbo kíì itan, ojúgun àti ọrùn ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní àsìkò yẹn, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ nìkan ni mo ń dín. Nínú Simplify Curve, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ Value tolerance láti 0.01 fún ẹsẹ̀. Ọwọ́, ọrùn àti ìka ọwọ́ kò tẹ nǹkan kan, ẹ lè gbé tiwọn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú yín yóò fi rí ìyàtọ̀, kí ẹ wá padà sẹ́yìn níṣìísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá di nǹkan mú, ẹ ka òun náà mọ́ ẹsẹ̀.

Èrè ọ̀fẹ́ kan wà: orúnkún sábà máa ń yí síhà kan ṣoṣo, nítorí náà ìlà rẹ̀ méjì yòókù á tẹ́ pẹrẹsẹ. Edit > Delete by Type > Static Channels yóò kó wọn dànù láìba nǹkan kan jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ ò yọ̀? Mi ò ní irinṣẹ́ olówó gọbọi. Mo máa ń gé sẹ́lótéèpù kékeré lẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ní ibi tí ìka ẹsẹ̀ wà ní férémù 12, kámẹ́rà ò sì gbọdọ̀ mì. Tó bá di 24 tí ìka náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́lótéèpù, ẹ dá kíì itan padà.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde sí FBX, ẹ yọ àmì kúrò lára Bake Animation. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, yóò tún kọ kíì sí gbogbo férémù, gbogbo làálàá yín á sì di asán. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí FBX náà nínú fáìlì tó ṣófo, kí ẹ wo ìlà ọwọ́: bí kíì bá tún wà lórí férémù kọ̀ọ̀kan, àmì yẹn ṣì wà níbẹ̀.