Bí a ṣe ń ṣírò gígùn páìpù tí yóò mú omi gbóná dé ìwọ̀n tí a fẹ́

Tí sítíìmù bá bo páìpù bàbà láti ìta, tó sì ń di omi lára rẹ̀, ìgbóná ara páìpù náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ẹnu ọ̀nà dé òpin. Omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ ló ń gbóná sí i, ṣùgbọ́n kì í gbóná bákan náà ní gbogbo mítà. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń yára jù, torí pé àlàfo tó wà láàárín ìgbóná rẹ̀ àti ti ara páìpù ṣì fẹ̀ níbẹ̀. Bí àlàfo yẹn bá ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń wọlé ṣe ń dín. Àlàfo náà gan-an ni kí a máa ṣírò:

```
L = m·cp / (h·π·D) · ln[(Ts - Ti) / (Ts - To)]
```

L ni gígùn páìpù, Ts ni ìgbóná ara páìpù, Ti ni ti omi nígbà tó wọlé, To ni ti omi nígbà tó jáde. m ni kílógíráàmù omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, cp ni ooru tí kílógíráàmù kan ń gbà kó tó fi dígírì kan gbóná sí i, D sì ni fífẹ̀ inú páìpù. h ló le jù láti rí: iye wáàtì tí mítà onígun mẹ́rin kan lára páìpù ń fún omi fún dígírì àlàfo kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú omi tó wọlé ní dígírì 25, tí a fẹ́ kó jáde ní 65. Sítíìmù mú ara páìpù dúró ní 100, fífẹ̀ inú páìpù jẹ́ mìlímítà 20, omi tó ń kọjá sì jẹ́ kílógíráàmù 0.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kọ́kọ́ wá àárín ìgbóná omi, ìyẹn 45, kí o sì mú àbùdá omi ní ìwọ̀n yẹn láti inú tábìlì: cp = 4180, kíki omi μ = 0.000596, agbára omi láti gbé ooru kọjá k = 0.637, àti nọ́ńbà tó ń fi bí kíki ṣe ń tàn nínú omi wé bí ooru ṣe ń tàn, Pr = 3.91. Lẹ́yìn náà, wò ó bóyá omi ń rú gùdù nínú páìpù tàbí ó ń ṣàn jẹ́ẹ́. Re ni nọ́ńbà tó ń sọ ìyẹn, Nu sì ni nọ́ńbà tí a ó fi rí h:

```
Re = 4·m / (π·D·μ) = 21 400
Nu = 0.023·Re^0.8·Pr^0.4 = 115
h  = Nu·k / D ≈ 3 680
```

Mítà ni kí o fi kọ D, ìyẹn 0.02. Ẹni tó bá kọ 20 síbẹ̀ ti ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ìlà kejì yẹn wà fún Re tó bá ju 10 000 lọ. Bí Re kò bá tó 2 300, omi ń ṣàn jẹ́ẹ́, Nu á sì já sí nǹkan bí 3.66 nínú páìpù tó gùn dáadáa.

Ó kù kí a fi nọ́ńbà sí i. m·cp jẹ́ 836, h·π·D sì jẹ́ 231; 836 tí a bá fi 231 pín jẹ́ mítà 3.62. Àlàfo bẹ̀rẹ̀ ní 75, ó parí sí 35, ln(75/35) sì jẹ́ 0.762. Gígùn páìpù jẹ́ mítà 2.76. Ìlà Nu yẹn lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣìnà, nítorí náà mítà 3.45 ni èmi yóò gé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á fi àárín àlàfo méjèèjì ṣírò, wọn ò ní lo ln. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, 55 ni wọn yóò lò, gígùn á sì jẹ́ 2.63; àṣìṣe náà kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí omi jáde ní 95, tí a sì fi h sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀nà yẹn á sọ pé mítà 6.3 ti tó. Ẹni tó bá gé e bẹ́ẹ̀ á bá omi ní nǹkan bí 87. Mítà 9.8 ló ń gbà, torí pé mítà 2.5 kọ̀ọ̀kan ń gé àlàfo sí ààbọ̀: 75, 37.5, 18.75. Bí omi bá ṣe ń sún mọ́ 100 ni páìpù ń gùn, kò sì sí gígùn tó lè mú un kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí páìpù bá ti ń ṣiṣẹ́, fi tẹmómítà wo omi tó ń jáde. Ká ní páìpù mítà 2.76 ń fún wa ní 60 dípò 65: ln(75/40) jẹ́ 0.629, h gidi sì jẹ́ nǹkan bí 3 030. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, tí omi tó ń kọjá sì pé 0.2, ó lè jẹ́ ìlà Nu ló ṣì, tàbí kí atẹ́gùn há sínú sítíìmù, tí kò jẹ́ kí ara páìpù dé 100. Tú atẹ́gùn náà jáde kí o tún wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, èèpá funfun ti ń mú ara páìpù nínú, fífọ̀ ló kù.