Bí A Ṣe Ń Yí Aago Wákàtí 24 Padà sí Wákàtí 12 Láìfi Òru Pe Ọ̀sán

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ láti Abuja lọ sókè òkun kọ ọ́ báyìí: ọjọ́ Àìkú, 00:40. Ìgbà wo lẹ máa kúrò nílé ní Kubwa? Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàálù ti fi í sílẹ̀ láti òru. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yẹ kó ti wà ní pápákọ̀ òfurufú.

Aago wákàtí 24 bẹ̀rẹ̀ ní 00:00 lọ́gànjọ́ òru, ó ń kà lọ títí dé 23:59, ó wá padà sí 00:00, ọjọ́ tuntun sì ti wọlé nìyẹn. Aago wákàtí 12 ní tirẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ AM sí èyí tó ṣáájú ọ̀sán gangan, àti PM sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Láti yí i padà, nọ́ńbà wákàtí nìkan lẹ máa wò. Ẹ má fọwọ́ kan ìṣẹ́jú. Bí wákàtí bá jẹ́ 13 sókè, ẹ yọ 12 kúrò, kẹ́ ẹ sì kọ PM: 18:30 á di 6:30 PM, 21:15 á di 9:15 PM. Fún 13 títí dé 19, èmi kì í tiẹ̀ yọ 12. Mo máa ń fojú fo 1 tó wà níwájú, kí n yọ 2 nínú èyí tó kù: 17, ẹ yọ 2 nínú 7, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Láti 01 dé 11, kò sí ìṣirò kankan, AM ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà sẹ́yìn, ẹ fi 12 kún PM, kẹ́ ẹ sì fi AM sílẹ̀ bó ṣe wà.

12 nìkan ni òfin yìí kò bá mu, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Lórí aago wákàtí 12, ipò òdo ni 12 wà: 12:20 AM ló ṣáájú 1:00 AM, kì í ṣe pé ó tẹ̀ lé 11:59 AM. Nítorí náà, 12 AM á di 00, àmọ́ 12 PM á wà ní 12 rẹ̀. Aago 12:20 PM ni 12:20 ọ̀sán. 12:20 AM ni 00:20. Bẹ́ ẹ bá ṣírò tán tẹ́ ẹ rí 24:20, ẹ ti ṣì í, ẹ ti fi 12 kún ohun tí kò yẹ. 24:00 nìkan lẹ lè rí níbòmíì, òpin ọjọ́ ló sì túmọ̀ sí: 24:00 ọjọ́ Ẹtì àti 00:00 ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìṣẹ́jú kan náà ni.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà gbà pé 12:00 PM ni ọ̀sán gangan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á sódì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ ìwé ìpè, ẹ kọ “aago 12 ọ̀sán”. Ìlò tó tún burú jù ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní yóò parí ní “12:00 AM, ọjọ́ Ẹtì”. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ṣe ń wọlé ló ti parí, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó yé èèyàn yóò kọ 11:59 PM, Ọjọ́bọ̀. Lẹ́nu, a máa ń sọ pé “òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì”, kò sì sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ó wá ku bàálù wa. Ká ní ẹ fẹ́ débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú 00:40. A ò lè yọ 3 nínú 0, nítorí náà ẹ fi 24 kún un: 24:40, ẹ yọ 3, ó ku 21:40. Bẹ́ ẹ bá ti fi 24 kún un, ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan padà sẹ́yìn: ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:40 PM. Bẹ́ ẹ bá fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 20:10 ni. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má kàn fi 00:40 ránṣẹ́ sí i.

Tó bá jẹ́ alámù fóònù lẹ fẹ́ yí sí 12:30 òru, AM ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń sọ iye wákàtí tó kù kí alámù dún. Bẹ́ ẹ bá ń yí i ní aago mẹ́jọ alẹ́, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló yẹ kó sọ. Bó bá sọ wákàtí mẹ́rìndínlógún ààbọ̀, ọ̀sán ọ̀la lẹ yí i sí.