Bí mo ṣe dá fínfín orúkọ padà sí apá màmá nínú fótò

₦42,000 ni mo fi ṣòfò lórí fírémù kan ṣoṣo, nítorí pé mo ka fínfín ara màmá kan sí ìdọ̀tí.

Àtúnṣe fótò àtijọ́ ni iṣẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá láti Ọjà'ba, ó mú fótò ìyá tó bí i lọ́mọ wá, dúdú-àti-funfun, wọ́n kọ 1974 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá náà jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ òsì sórí àga, inú apá rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà. Fótò náà ti bu, ibi tó bu jù sì ni apá yẹn. Mo tún un ṣe dáadáa, mo fọ apá náà mọ́ nigín-nigín, mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní 24 sí 36 ínǹṣì, mo fi sí fírémù. Ìnáwó òkú ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Màmá wo fírémù náà títí. Ó ní, "Ọmọ mi, apá màmá mi dà?"

Mo ní, "Mọ̀mí, òun rèé."

Ó ní, "Èyí kọ́. Apá màmá mi ní orúkọ."

Ara mi bù máṣọ. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wa ló fín orúkọ sí apá? Ìyá bàbá témi gan-an ní tiẹ̀. Nígbà tí mo wo fótò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé lára ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí, A wà níbẹ̀, D wà níbẹ̀. ADUNNI ni. Lẹ́tà mẹ́rin tó kù ni bíbu ti jẹ tán, èmi sì wá fi búrọ́ọ̀ṣì nu méjì tó ṣẹ́ kù dànù. Ó sì wá burú, mo ti sefú iṣẹ́ náà lé èyí tí mo kọ́kọ́ sìkáànì lórí. Sísìkáànì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti fífọ ibi tó bu láìfọwọ́ kan A àti D kò ní ìtàn nínú, n ò ní sọ ọ́ níbí.

Mo kọ́kọ́ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo tẹ UNNI pẹ̀lú lẹ́tà kọ̀ǹpútà, mo gbé e sórí apá, mo fi han màmá lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ le. "Ta ló fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí màmá mi lára?" Ó ní ìyá òun ja apá gbà mọ́ oníkóló lọ́wọ́ nígbà tó dórí N kejì, ìdí nìyẹn tó fi wọ́, tí I tó tẹ̀ lé e sì kúrú. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló mọ ìtàn N yẹn. Ó wá fi fótò kan ránṣẹ́ tí wọ́n fi fóònù yà lọ́dún tó kọjá, apá ìyá náà gbọọrọ, ojú kámẹ́rà wà lókè rẹ̀ tààrà. Orúkọ náà yọ kedere, ṣùgbọ́n awọ ti hunjọ, fótò náà sì ní àwọ̀. N ò lè gé e lẹ̀ mọ́ apá ọmọbìnrin. Mo fi Pen Tool inú Photoshop tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, A àti D pẹ̀lú, mo sì fi wọ́n sórí lẹ́yà tiwọn. Ẹ rántí pé mo fa A àti D náà, torí àwọn ló padà gbà mí.

Ibi tó wá jẹ mí níyà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko rèé.

Lẹ́tà tó wà lórí ìwé títẹ́jú ò lè jókòó sórí apá, apá rí roboto. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ń sọ ni pé kí o sefú fótò apá náà bíi fáìlì `.psd` aláwọ̀ eérú, kí o lọ sí `Filter > Distort > Displace`, kí o fún un ní fáìlì yẹn, yóò sì tẹ lẹ́tà náà mọ́ ara. Mo ṣe é. Lẹ́tà náà ò tẹ̀, ńṣe ló sún. Mo fi iye rẹ̀ sí 10, ó sún díẹ̀. Mo ní bóyá kò tó, mo gbé e sí 40, ó fò kúrò láyè rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ìró. Mo yí i padà, mo tún fáìlì náà sefú, mo bú mọ́ọ̀sì. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tún jókòó tì í.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo pa lẹ́tà tì. Mo fa ilà gbọọrọ àti ilà ìbú bíi ti àwọ̀n sórí apá, mo wá fi Displace lu òun náà. Ilà náà ò wọ́ rárá. Gbogbo rẹ̀ sún papọ̀, láti igun sí igun, bí ẹni gbé ẹní láti ibì kan síbòmíràn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Displace máa ń ka bí àmì tíntín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píksẹ́lì, nínú fáìlì náà ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn, láti 0 tó jẹ́ dúdú sí 255 tó jẹ́ funfun. Ibi tó bá jẹ́ 128 kò ní sún rárá. Èyí tó bá ju 128 lọ á sún sí apá kan, èyí tí kò bá tó o á sún sí òdì kejì. Bí fáìlì náà bá sì jẹ́ aláwọ̀ eérú nìkan, sísún ti ẹ̀gbẹ́ àti ti òkè-sí-ìsàlẹ̀ á jẹ́ ọ̀kan náà, ìyẹn ló fi ń rìn láti igun sí igun. Apá ìyá náà dúdú. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, káàkiri apá náà kò jìnnà sí 50. Láti 50 dé 128 jẹ́ 78. Ní 10, ìyẹn á sún nǹkan bíi píksẹ́lì 8. Ní 40, á sún 31. Kò sí títẹ̀ níbẹ̀. Apá funfun ni wọ́n fi ń kọ́ni, apá tó sábà máa ń wà nítòsí àárín, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ ọ́. Inú bí mi gan-an ni.

Mo fi Levels gbé fáìlì náà sókè títí apá fi dé bíi 128, mo sì fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́, kí hóró fótò àtijọ́ má baà máa já etí lẹ́tà jẹ. Lẹ́tà dúró sáyè rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó wọ́ sódì! Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ọ̀tún nínú fótò náà, Displace sì gbà pé ibi tó mọ́lẹ̀ ni ibi tó ga. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lápá ìyá náà kì í ṣe ibi tó yọ síta jù, ibi tó kọjú sí fèrèsé ni. Ohun èlò yẹn ń wo ìmọ́lẹ̀, kò mọ roboto apá.

A àti D ló yọ mí. Mo gbé A tí mo fà sórí A tó wà nínú fótò. Orúkọ náà sùn ní gígùn apá, nítorí náà roboto apá kò kan fífẹ̀ lẹ́tà. Mo mú fífẹ̀ A méjèèjì bára mu. Nígbà tí wọ́n bára mu, gíga A tèmi jẹ́ píksẹ́lì 60, ti inú fótò jẹ́ 49. Mọ́kànlá tó sọnù yẹn ni roboto apá gbé mì. Apá náà fẹ̀ tó píksẹ́lì 300 níbẹ̀, ìyẹn 150 láti ilà àárín dé etí. Orí A wà ní 58 sí ilà àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 107. Bí apá bá rí bíi ọ̀pá, ohun tó wà lórí awọ máa ń há sí i bó ṣe ń sún mọ́ etí. Mo ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú sáìnì tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì, A bọ́ sí 49 géérégé. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi rò pé nǹkan ta mí ni.

Ẹ tún kíyè sí i pé fífún lẹ́tà pọ̀ lásán kò tó. Ìlàjì òkè A gba 26, ìlàjì ìsàlẹ̀ gba 23, torí ìsàlẹ̀ ló sún mọ́ etí. Bí o bá kàn fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ọgbọọgba, ojú á ṣì máa rí i bíi bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara, kò sì ní mọ ohun tó ń rí. Ní ìhà ọrùn ọwọ́, apá tín-ín-rín, orúkọ náà sì ń sún lọ sí etí, nítorí náà I tó yẹ kó ga 60, bí kì í bá ṣe ti ìjà oníkóló, yóò gba 40 péré. Mo fi `Edit > Transform > Warp` ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú ọwọ́, mo ń fa ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, mo ń wo A àti D ti inú fótò bíi òṣùwọ̀n. Nígbà tí tèmi bo tiwọn mọ́lẹ̀ láìṣẹ́ kù, mo mọ̀ pé UNNI náà wà láyè rẹ̀. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló gbà mí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ìyà! Displace ò wúlò mọ́ àyàfi ní ibi tí awọ ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, iye 3 ni mo fún un níbẹ̀.

Àwọ̀ rẹ̀ kò le. Tàdáwà fínfín wà lábẹ́ awọ, kò sí lórí rẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ dú ju ibi tó ṣókùnkùn jù lápá náà lọ, etí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ mú bí abẹ. Mo lo Multiply, tó ń jẹ́ kí àwọ̀ awọ hàn lábẹ́ lẹ́tà, ní 60%, mo rọ etí rẹ̀ díẹ̀, mo sì fi Add Noise dá hóró fótò padà sórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé hóró yìí, lẹ́tà rẹ̀ á máa dán láàárín fótò tó ti gbó. Mo ti kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀.

Bí mo bá tún gba irú iṣẹ́ yìí, n ò ní fọwọ́ kan àmì kankan lára ẹni tó wà nínú fótò kí n tó bi ẹbí rẹ̀ pé kí nìyí. N ò sì ní sefú lé èyí tí mo sìkáànì lórí mọ́ láéláé.

Mo tún fírémù náà tẹ̀, àpò mi ló ti jáde. Màmá gbà á, ó wo N tó wọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó fi àtàǹpàkò pa á lórí gíláàsì. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí etí ìró, níbi tí nǹkan kan ti dúdú bí owó ẹyọ, tí mo ti fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn nítorí ẹ̀rù.

Ó ní, "Ìdọ̀tí yìí ńkọ́? Kí ló dé tí o ò nu ún?"