Bí a ṣe ń wá wéètì pọtifólíò tánjẹ́ńsì fún ṣíà mẹ́ta, àti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe

O ní ṣíà mẹ́ta tí iye wọn ń lọ sókè sódò, o sì ní tirẹ́ṣọ́rì bíìlì tí èrè ẹ̀ ò yẹ̀. Báwo lo ṣe máa pín owó sórí ṣíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí èrè tó lé lórí ti bíìlì á fi pọ̀ jù fún ewu tó o gbé? Ìpín yẹn ni pọtifólíò tánjẹ́ńsì, iye tó kan ṣíà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ ni wéètì. Láti 1958 tí James Tobin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹni tó láyà àti ẹni tó ń bẹ̀rù lè lo ìpín kan náà, ohun tó máa yàtọ̀ ò ju iye tí kálukú fi sílẹ̀ sínú bíìlì lọ.

Kó èrè oṣooṣù ṣíà kọ̀ọ̀kan jọ, èmi ò kì í lo ohun tó kéré sí oṣù 60. Tó ò bá ní Excel, LibreOffice Calc ọ̀fẹ́ ni, Google Sheets orí fóònù náà á sì ṣe é. Fi èyí ṣe kofariánsì, ìyẹn bí èrè ṣíà méjì ṣe ń lọ sókè sódò pọ̀ tó, fún ṣíà méjì méjì àti fún kálukú pẹ̀lú ara ẹ̀, títí tábìlì oní-mẹ́ta-lọ́nà-mẹ́ta á fi kún:

```
=COVARIANCE.S(B2:B61,C2:C61)
```

Àwọn kan máa ń jà lórí bóyá COVARIANCE.S ni ká lò àbí COVARIANCE.P, má da ara ẹ láàmú, wéètì kan náà ló máa jáde torí gbogbo tábìlì ló ń tóbi tàbí kéré pọ̀, ìgbà tá a bá sì pín in níkẹyìn ìyàtọ̀ yẹn á pa ara ẹ̀ rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀, ní pasẹ́ǹtì lóṣù. Ṣíà A, à ń retí 1.8, B 2.2, C 2.5. Kofariánsì wọn rèé, 16, 36 àti 64 ni fáríánsì, ìyẹn bí èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fò sókè sódò tó:

```
     A   B   C
A   16   6   8
B    6  36  12
C    8  12  64
```

Bíìlì ń san pasẹ́ǹtì 12 lọ́dún.

Ibí gan-an ni kó o ti rọra. Ohun tó kàn ni kó o yọ èrè bíìlì kúrò nínú èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan, ó dà bí ohun tí ọmọ praímárì lè ṣe, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí èèyàn púpọ̀ ń bà á jẹ́. Èrè ṣíà wà lóṣooṣù, iye bíìlì tí wọ́n kéde wà lọ́dọọdún, wọ́n á kàn yọ 12 kúrò nínú 1.8 láìpín in sí 12. Pín in kọ́kọ́, á di 1 lóṣù (tó o bá fẹ́ ṣe ti èrè-lórí-èrè á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.95, kò burú), lẹ́yìn náà ìyọkúrò á fún ẹ ní 0.8, 1.2 àti 1.5.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé àṣìṣe yìí kì í fara hàn. Ẹni tó yọ 12 á rí -10.2, -9.8 àti -9.5, á kó wọn sínú fọ́múlà, gbogbo ẹ̀ á jáde ní nẹ́gẹ́tífù, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni ká pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí àròpọ̀ wọn, àròpọ̀ náà sì jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, nẹ́gẹ́tífù tá a pín sí nẹ́gẹ́tífù á di pọ́sítífù, bẹ́ẹ̀ ló máa rí nǹkan bíi 72, 21.5 àti 6.4 pasẹ́ǹtì. Ó mọ́ lójú, kò sí nẹ́gẹ́tífù kankan nínú ẹ̀, àròpọ̀ ẹ̀ sì tó ọgọ́rùn-ún, ta ló máa fura? Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á fi ìpín yẹn ṣòwò.

Torí náà má pín ohunkóhun kí o tó wo àròpọ̀. Àwọn nọ́ńbà tí kò tíì di wéètì, èmi máa ń pè wọ́n ní z, èyí ló ń gbé wọn jáde, F2:H4 ni kofariánsì, J2:J4 ni èrè tá a ti yọ bíìlì kúrò lára ẹ̀:

```
=MMULT(MINVERSE(F2:H4),J2:J4)
```

Nínú Excel àtijọ́ àti Calc, kun sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí o tó tẹ̀ ẹ́, kí o wá tẹ Ctrl+Shift+Enter, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo lo máa rí. Má sì pín 1 sí sẹ́ẹ̀lì kofariánsì lọ́kọ̀ọ̀kan kó o ní o ti ṣe ínfáàsì tí MINVERSE ń ṣe, ìyẹn kọ́ ni ínfáàsì màtíríìsì.

Tiwa jáde báyìí: 0.03403, 0.02269, 0.01493. Kí n tó gbà á gbọ́ mo máa ń fi z yìí sọ kofariánsì di púpọ̀ padà. Fún ìlà A, 16 lọ́nà 0.03403, pẹ̀lú 6 lọ́nà 0.02269, pẹ̀lú 8 lọ́nà 0.01493, 0.8 ló yẹ kó jáde, òun náà ló sì jáde. Àròpọ̀ z jẹ́ 0.07164, pọ́sítífù ni, a lè máa lọ. Pín kálukú sí i: A 47.5, B 31.7, C 20.8 pasẹ́ǹtì. Nínú mílíọ̀nù kan náírà, 475,000 lọ sí A, 317,000 sí B, 208,000 sí C.

Fún ewu kọ̀ọ̀kan, ìpín yìí ń mú 0.277 wá lórí ti bíìlì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ráṣíò Sharpe. Ìpín èké 72 yẹn, tá a bá fi èrè bíìlì tòótọ́ wọ̀n ọ́n, 0.256 ló ń mú wá.

Àmọ́ o lè ṣe gbogbo ẹ̀ dáadáa kí àròpọ̀ z ṣì jẹ́ nẹ́gẹ́tífù. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, èrè bíìlì ti ga ju èrè ìpín tí ewu ẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ìpín ṣíà mẹ́ta náà lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa ìpín yẹn ń retí nǹkan bíi 1.94 lóṣù, tí bíìlì bá ti kọjá ibẹ̀, bíi pasẹ́ǹtì 23 àti díẹ̀ lọ́dún, kò sí pọtifólíò tánjẹ́ńsì tó wúlò mọ́, èyí tí fọ́múlà fún ẹ wà lápá ìsàlẹ̀ ìlà títẹ̀ tí ewu àti èrè àwọn ìpín máa ń yà, òun ló burú jù. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Nàìjíríà o, ní 2024 bíìlì ọlọ́jọ́ 364 kọjá pasẹ́ǹtì 20. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, fi owó sínú bíìlì kí o sì gbàgbé wéètì.

Ó ku èrè tí à ń retí, òun ló ń yọ̀ jù lọ́wọ́. Sọ ti C di 2.0 dípò 2.5, kí o má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, wéètì C á já láti 20.8 sí 9.1, A á lọ sí 54.5, B á di 36.4. Ìdajì pasẹ́ǹtì péré ló ṣe gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó lè fi èrè oṣù 60 mọ ohun tí à ń retí dé ìdajì pasẹ́ǹtì. Kí o tó ra ohunkóhun, gbé èrè ṣíà kọ̀ọ̀kan sókè sódò ní ìdajì pasẹ́ǹtì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kí o kọ wéètì tó jáde sílẹ̀. Èyí tó bá ń fò káàkiri jù nínú wọn, ìpín tó kéré jù tó o rí fún un ni kó o lò, kí ìyókù lọ sínú bíìlì.